Bàsíà kan, ẹja mẹ́ta: bí ẹnu àti lẹbẹ ṣe yanjú fọ́tò ọjà kan

Èbúté ẹja kan létí ọ̀sà l'Ékòó ni fọ́tò náà ti wá. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹja tí àwọn apẹja bá gbé wálẹ̀: yóò wọn ẹja lórí òṣùwọ̀n, yóò tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù orí fóònù, yóò sì fi kílò rẹ̀ tì í. Fọ́ọ̀mù yìí kì í gba orúkọ ọjà nìkan, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹja ń lò ló ń béèrè, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ bákan náà níbi gbogbo. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ìyá ẹlẹ́ja kan gbé bàsíà ẹja kan wá, ó ní kírókà ni gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé wa yà á ní fọ́tò kan ṣoṣo, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ẹja, àti sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń kọ ẹja ní èbúté mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà," ló kọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Ìyá ní kírókà ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ ẹnu àwọn kan nínú wọn ò jọra."

Ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú fọ́tò náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Òkè ni wọ́n ti yà á, lábẹ́ gílóòbù tó ń tan iná aláwọ̀ ìyeyè. Àwọn ẹja gun orí ara wọn, yìnyín fífọ́ sì bo ìrù púpọ̀ nínú wọn. Gbogbo wọn ló funfun bíi fàdákà, ẹ̀yìn wọn ṣú díẹ̀, lẹbẹ wọn sì rí bí ohun tó pọ́n rúsúrúsú. Ìgò omi 50cl kan wà lórí wọn nínú bàsíà, èyí tó gùn ju 20 sẹ̀ntímítà lọ díẹ̀. Tí a bá fi ìgò yẹn wọ̀n wọ́n lójú lásán, púpọ̀ nínú ẹja náà yóò wà láàárín 25 sí 35 sẹ̀ntímítà. Àmọ́ orí ẹja ni ìgò wà, àwọn ẹja kan sì wà ní ìsàlẹ̀ bàsíà. Ohun tó bá súnmọ́ kámẹ́rà máa ń tóbi ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà a ò lè fi ìwọ̀n yẹn ṣe ju àfojúdá lọ.

Ẹlẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ò fi àkókò ṣòfò. Ó ní kírókà ni, kí akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ báyẹn, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọ̀ ló fi dájọ́. Ọ̀nà yìí ló máa ń tètè ṣini lọ́nà jù lórí fọ́tò ọjà, pàápàá fún ẹja òkun àti ti ọ̀sà tí ara wọn funfun. Iná ìyeyè ń sọ lẹbẹ tí kò láwọ̀ di pupa rúsúrúsú. Yìnyín ń fọ ara ẹja, ó sì ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Fóònù fúnra rẹ̀ tún ń ṣàtúnṣe àwọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmì wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn àwọn kírókà kan nígbà tí wọ́n ṣì tutù lè ti parẹ́ kí wọ́n tó dé ojú àtẹ. Ẹ̀gbọ́n dáhùn ní ṣókí pé: "Má tíì tẹ nǹkan kan. Fi àwọ̀ sílẹ̀. Sọ fún mi ibi tí ẹnu wọn wà."

Ẹnu ẹja máa ń wà ní ipò mẹ́ta tí ojú lè yà sọ́tọ̀. Wo orí ẹja láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé, kí o sì béèrè ohun tó ṣáájú jù níwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló ṣáájú, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Bí àgbọ̀n méjèèjì bá pàdé ní ọ̀gangan kan náà, ẹnu rẹ̀ wà níwájú. Bó bá jẹ́ imú ló ṣáájú, tí ẹnu wá là sábẹ́ rẹ̀, ẹnu ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ipò ẹnu máa ń bá bí ẹja ṣe ń jẹun mu: ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi sábà máa ń ní ẹnu ìsàlẹ̀.

Orí pátákó lèyí rọrùn. Nínú bàsíà, ẹja tó ti kú a máa la ẹnu. Àgbọ̀n òkè irú ẹja báyìí lè nà síwájú bí ẹnu bá là, ìgbà yẹn ni ẹnu tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ á dà bí ẹni tó wà níwájú. Bí orí ẹja bá kọjú sí kámẹ́rà, imú tó yọ á dà bí èyí tó kúrú, nítorí ohun tó ń nà bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó kì í hàn gígùn. Ìdí rèé tí ẹ̀gbọ́n fi ní kí akọ̀wé fi ìka sàmì sára kìkì àwọn ẹja tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá, tí ẹnu wọn sì padé tàbí tó ku díẹ̀ kó padé. Márùn-ún péré ló yege nínú gbogbo bàsíà. Àwọn yòókù, ẹni tó bá fi ẹnu wọn dájọ́ kàn ń méfò ni.

Nínú márùn-ún yìí, méjì ní ẹnu tó wà níwájú, tó là wá sẹ́yìn ní ìdagẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta yòókù ní imú róbótó tó yọ dáadáa kọjá ẹnu, tí ara imú náà sì ń dán, tí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ là á já. Ẹlẹgbẹ́ kejì rí èyí, ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú: kírókà ni àwọn méjì, àwọn tí imú wọn yọ sì ni ẹja tí àwọn ẹlẹ́ja ń pè ní ṣáìnì-nósì. Ó sún mọ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tó. Ẹnu ìsàlẹ̀ nìkan ò lè lé kírókà jáde. Nínú ẹbí kírókà fúnra rẹ̀, ẹnu ò dúró sójú kan: Pseudotolithus typus ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó yọ díẹ̀ síwájú, nígbà tí Umbrina canariensis ní ẹnu ìsàlẹ̀ gidi, tí irùngbọ̀n kúkúrú kan sì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá ní "ẹnu ìsàlẹ̀, nítorí náà kì í ṣe kírókà" yóò ṣìnà lọ́jọ́ tí irú èyí bá bọ́ sínú àwọ̀n. Iṣẹ́ ẹnu nínú ọ̀rọ̀ yìí ni láti sọ fún wa pé bàsíà náà kì í ṣe ẹja irú kan. Kò tíì sọ irú tí wọ́n jẹ́.

Lẹbẹ ló kàn. Ká fi orúkọ sí wọn ká má baà ṣi ara wa gbọ́: lẹbẹ ẹ̀yìn wà lórí ọ̀pá ẹ̀yìn, lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ jẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹbẹ abẹ́ náà jẹ́ méjì, lábẹ́ ikùn, lẹbẹ ìdí wà láàárín ihò ìdí àti ìrù, lẹ́yìn náà ni ìrù fúnra rẹ̀.

Nínú ìwé, ìyàtọ̀ àárín kírókà àti ṣáìnì-nósì kò lè dẹrùn jù báyìí lọ. Lẹbẹ ẹ̀yìn kírókà so pọ̀: apá iwájú tó ní ẹ̀gún ga, ó sọ̀kalẹ̀ wá sí kòtò kan, apá kejì tó rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gùn lọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìrù. Ìrù àwọn Pseudotolithus kì í là, àárín rẹ̀ ló máa ń yọ ṣóńṣó. Ti ṣáìnì-nósì yàtọ̀: lẹbẹ ẹ̀yìn méjì tó jìnnà síra, awọ ẹ̀yìn lásán ló wà láàárín wọn, ìrù rẹ̀ sì là jìn sí méjì.

Nínú bàsíà ńkọ́? Lẹbẹ ẹ̀yìn ẹja tó ti kú á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀gún rẹ̀ á wọ inú kòtò tirẹ̀, ojú ò sì ní rí nǹkan kan ju ìlà tín-ín-rín lọ. Yìnyín ti bo ìrù. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tí imú wọn yọ ni ìrù rẹ̀ hàn, lápá ọ̀tún fọ́tò, ó sì là. Àmọ́ ẹlẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó ti sọ pé kírókà ni gbogbo ẹ̀ ò gbà: ó ní ìrù kírókà tó ti gbó nínú àwọ̀n lè fàya láàárín, kó dà bí èyí tó là. Òótọ́ wà nínú èyí. A máa ń rí irú ìrù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ lára ẹja tí wọ́n fà yọ nínú àwọ̀n, bí etí ibi tó là náà bá sì rí jágajàga, ó yẹ kéèyàn fura.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Dípò kí ẹ̀gbọ́n máa wá lẹbẹ tó nà, ó ní kí wọ́n wo ìpìlẹ̀ lẹbẹ, ìyẹn ibi tí lẹbẹ ti hù jáde lára ẹja. Lẹbẹ lè ká, ó lè fàya, ó lè gé, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò níbi tó wà. Nínú kírókà, ìpìlẹ̀ apá kejì lẹbẹ ẹ̀yìn gùn gan-an, nítorí ọ̀pá rírọ̀, ìyẹn egungun tín-ín-rín tó gbé lẹbẹ ró, tó lé ní 25 ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí lẹbẹ ìdí kúrú, tí ọ̀pá rírọ̀ inú rẹ̀ kì í ju bíi 6 sí 8 lọ. Bí o bá fi ìka wọ̀n wọ́n lójú fóònù, ti ẹ̀yìn á ju ti ìdí lọ ní ìlọ́po bíi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ṣáìnì-nósì tó wọ́pọ̀ létí òkun wa, lẹbẹ ẹ̀yìn kejì àti lẹbẹ ìdí dojú kọ ara wọn lókè àti nísàlẹ̀, ìpìlẹ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀pá bíi 11 sí 14 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdọ́gba yìí ò nílò lẹbẹ tó nà. Fọ́tò tí kò dára pàápàá á fi hàn, bí ẹ̀gbẹ́ ẹja láti ikùn dé ibi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀ bá ṣáà ti hàn.

Akọ̀wé fẹ àwòrán náà sí i. Lára méjì nínú mẹ́ta tí imú wọn yọ, ìpìlẹ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ dọ́gba, awọ ẹ̀yìn tó mọ́lẹ̀ láìní lẹbẹ sì hàn ṣáájú èyí tó wà lókè. Ìkẹta ò fi ìdí rẹ̀ hàn. Lára àwọn méjì tí ẹnu wọn wà níwájú, lẹbẹ ẹ̀yìn lọ gbọọrọ títí dé ẹ̀yìn, tí lẹbẹ ìdí sì kéré. Wọ́n wá tún wo lẹbẹ abẹ́: ti kírókà wà ní ìsàlẹ̀ lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ gan-an, ti ṣáìnì-nósì sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ó bá ohun tí wọ́n ti rí mu. Ẹbí méjì ló wà nínú bàsíà, ẹnikẹ́ni ò sì jiyàn mọ́, ẹlẹgbẹ́ àkọ́kọ́ náà gbà.

Ọ̀pọ̀ ni ì bá dúró síbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ò dúró síbẹ̀, nítorí ṣáìnì-nósì mẹ́ta ló ń wá sí èbúté ní ìhà wa. Polydactylus quadrifilis ni èyí tó tóbi jù, ó lè súnmọ́ mítà méjì ní gígùn. Galeoides decadactylus kì í sábà ju 30 sẹ̀ntímítà lọ, èyí tó bá sì tóbi gan-an nínú wọn kì í kọjá bíi 50. Pentanemus quinquarius kéré sí i. Fún ẹja tó jẹ́ 30 sẹ̀ntímítà, gígùn ò lè yanjú nǹkan kan: ó lè jẹ́ Galeoides tó ti dàgbà, ó sì lè jẹ́ ọmọ Polydactylus. Ìyàtọ̀ yẹn sì ṣe kókó nínú àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka ọmọ ẹja ńlá mọ́ ẹja kékeré tó ti dàgbà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àwọ̀n ń kó ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà.

Ohun tó ń ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ wà lára lẹbẹ ẹ̀gbẹ́. Nísàlẹ̀ lẹbẹ yẹn, àwọn fọ́nrán kan wà tí wọn ò so mọ́ ara lẹbẹ, tí wọ́n dá dúró bí òwú. Ẹja náà ń fi wọ́n tọ́ ilẹ̀ wò nínú omi tó dọ̀tí. Polydactylus quadrifilis ní 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Galeoides ní 9 tàbí 10, wọn ò sì gùn. Pentanemus ní 5, ṣùgbọ́n wọ́n gùn débi pé wọ́n kọjá lẹbẹ ìdí lọ sẹ́yìn, lẹbẹ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú sì gùn tó ìlọ́po méjì lẹbẹ ẹ̀yìn kejì. Nítorí ìpìlẹ̀ lẹbẹ tó dọ́gba tí wọ́n ti rí, Pentanemus ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àwọn méjì yẹn kí wọ́n tó ka fọ́nrán kan. Ó ku Polydactylus àti Galeoides.

Akọ̀wé tún fẹ àwòrán sí i. Lára ẹja ọ̀tún yẹn, ó rí fọ́nrán 4 tó lẹ̀ mọ́ ikùn. Ẹlẹgbẹ́ kejì yọ̀: "Mẹ́rin! Polydactylus ni. Tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ò gbà, ohun tó sọ sì ni ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa: "Mẹ́rin lo rí. Ìyẹn ò ní kó jẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀." Iye fọ́nrán tí fọ́tò bá fi hàn ni iye tó kéré jù tí ẹja náà lè ní. Ọ̀yọ̀ ara ẹja máa ń so fọ́nrán mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan. Àwọn mìíràn á wọ abẹ́ ikùn lọ, tàbí kí wọ́n ti já nínú àwọ̀n. Bó bá jẹ́ 6 ló rí ni, ì bá ti lé Polydactylus jáde, nítorí a ò lè rí 6 lára ẹni tó ní 4. Ṣùgbọ́n 4 tí a rí lè jẹ́ 4, ó sì lè jẹ́ 10 tí mẹ́fà ti fara pamọ́. Ìdájọ́ yìí ń ṣiṣẹ́ lápá kan ṣoṣo, ìdí tí àwọn ènìyàn sì fi ń ṣubú nínú rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n wá wo àmì kejì. Galeoides sábà máa ń ní àmì dúdú ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítòsí ibi tí ìlà ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹja ọ̀tún ní ohun dúdú kan níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó tako fọ́nrán mẹ́rin yẹn, àfi ìgbà tí wọ́n fẹ àwòrán sí i tí wọ́n rí i pé dúdú náà rékọjá orí ẹja yìí lọ sórí yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjìji etí bàsíà ni. Àmì tó bá jẹ́ ti ara ẹja máa ń dúró sára ẹja, ó sì máa ń tẹ̀ lé ìpẹ́. Èyí tó bá gba orí ẹja méjì tàbí orí yìnyín kọjá, ti iná ni.

Ibi tí fọ́tò kìíní gbé wọn dé nìyẹn. Fífẹ àwòrán sí i ò lè mú ohun tí kámẹ́rà ò yà jáde. Ẹ̀gbọ́n ní kí akọ̀wé lọ bẹ ìyá ẹlẹ́ja kí bàsíà náà tó tà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú," ló sọ fún ìyá, "mẹ́rin péré ni mo fẹ́ yà ní fọ́tò, n ò ní pẹ́." Ìyá fún un ní ẹja mẹ́rin, ó sì ní kó má fi yìnyín òun ṣòfò.

Ó yan ṣáìnì-nósì mẹ́ta àti kírókà kan. Ó gbé wọn kúrò lábẹ́ gílóòbù lọ sí ibòji níta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà tí oòrùn ò sì ta sí wọn tààrà. Ó da omi díẹ̀ sí wọn lára láti fọ ọ̀yọ̀ kúrò. Ó tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ọ̀rá dúdú tó tutù, kí orí kọjú sí òsì, kí ẹ̀gbẹ́ òsì sì wà lókè. Ọ̀rá dúdú ṣe pàtàkì fún fọ́nrán: wọ́n funfun, wọn ò lè hàn lórí abọ́ funfun. Ó fi igi ìgbálẹ̀ kan ya àwọn fọ́nrán sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn sí ìsàlẹ̀ kúrò lára ikùn, ọ̀rá tútù náà sì dì wọ́n mú. Ó fi ìka ti àgbọ̀n pa dé, ó sì yọ ìka kúrò kó tó yà á. Ó fi ìgbálẹ̀ kan náà gbé lẹbẹ ẹ̀yìn kìíní dìde, ó sì fi òkúta kékeré gbè é. Rúlà wà lórí ọ̀rá lábẹ́ ẹja, kì í ṣe lórí ẹja. Kámẹ́rà dúró ṣánṣán lókè àárín ara, láìtan fíláàṣì. Lẹ́yìn èyí, ó yí ẹja padà, ó tún ya ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí fọ́nrán tó bá já ní ẹ̀gbẹ́ kan lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìgbà tí fọ́tò kejì dé, èsì rẹ̀ ya gbogbo wọn lẹ́nu. Méjì nínú ṣáìnì-nósì náà, àwọn tó kéré tí wọn ò ju 27 sẹ̀ntímítà lọ, ní fọ́nrán tó pọ̀: ọ̀kan ní 9 ní ẹ̀gbẹ́ òsì àti 10 ní ọ̀tún, èkejì ní 10 ní méjèèjì. Àmì dúdú wọn hàn kedere lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kò sì kúrò lójú kan nígbà tí wọ́n yí ẹja. Galeoides decadactylus nìwọ̀nyí. Ẹja ọ̀tún, èyí tó gùn jù, ní 4 gééré, ní òsì àti lọ́tùn-ún, wọn ò já, ìpìlẹ̀ wọn sì mọ́. Kò ní àmì dúdú kankan. Ọmọ Polydactylus quadrifilis ni. Ẹlẹgbẹ́ kejì ti pe orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ó sì rán gbogbo wọn létí! Síbẹ̀, ká ní wọ́n ti tẹ̀ lé e nígbà yẹn ni, Galeoides méjèèjì náà ì bá ti wọ fọ́ọ̀mù lórúkọ Polydactylus, nítorí gbogbo wọn ló gbà pé àwọn tí imú wọn yọ irú kan ni wọ́n. Ẹnì kankan ò béèrè bóyá ẹbí kan náà lè ní irú méjì nínú bàsíà kan ṣoṣo. Ẹja tí wọ́n jọ wọ àwọ̀n kan náà kò ní kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹyọ ẹja kọ̀ọ̀kan ni kéèyàn máa dá mọ̀, kì í ṣe bàsíà.

Ti kírókà tètè parí. Lẹbẹ ìdí rẹ̀ ní ẹ̀gún méjì, èyí tó ṣìkejì gùn, ó sì nípọn gan-an. Àmì Pseudotolithus elongatus nìyẹn. Ti Pseudotolithus typus tín-ín-rín, ó sì kúrú. Ẹnu tó wà níwájú, tó là ní ìdagẹ̀rẹ̀, bá a mu. Kírókà kejì tí fọ́tò kìíní fi hàn ti tà kí akọ̀wé tó padà dé, ẹ̀gún ìdí rẹ̀ ò sì hàn nínú fọ́tò àkọ́kọ́ nítorí pé ẹja mìíràn gbé orí lé e. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú fọ́ọ̀mù bíi Pseudotolithus lásán, láìsí orúkọ kejì. Akọ̀wé fẹ́ fi elongatus kún un nítorí pé ó jọ èkejì. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ ọ́ fún un: orúkọ tí kò pé tó sì tọ̀nà ṣeé tún ṣe lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n èyí tó pé tó sì jẹ́ àròsọ á wọnú ìṣirò, kò sì sẹ́ni tó máa mọ èyí tí wọ́n rí ní tòótọ́ mọ́.

Kílò ni ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti wọn bàsíà náà tán lápapọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó kéré tán irú mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, a ò sì lè fi fọ́tò pín kílò. Wọ́n kọ àpapọ̀ náà sábẹ́ "àdàlù", wọ́n sì to orúkọ mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, akọ̀wé máa ń kọ́kọ́ wo ìpìlẹ̀ lẹbẹ ìdí ẹja kọ̀ọ̀kan kó tó gbé bàsíà lé òṣùwọ̀n, èyí tó sì lè ṣe nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja ń ka ẹja sínú bàsíà. Èyí tí ìpìlẹ̀ ìdí rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀yìn á bọ́ sí apá kan fún kíka fọ́nrán, èyí tí ti ìdí rẹ̀ bá kéré á bọ́ sí apá kejì fún wíwo ẹ̀gún.

Ẹja tí wọ́n ti sun lórí èéfín ńkọ́? Fọ́nrán á ti jóná tàbí kó ti ṣẹ́, àmì dúdú á ti rì sínú àwọ̀ èéfín, ẹnu á sì ti fà sẹ́yìn nítorí pé awọ imú ti gbẹ. Ìpìlẹ̀ lẹbẹ ṣì máa ń kù síbẹ̀, èèyàn sì lè fi ya kírókà àti ṣáìnì-nósì sọ́tọ̀. Ẹ̀gún ìdí kírókà náà máa ń kù bí kò bá ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú fọ́tò ṣáìnì-nósì sísun wá, tó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá Galeoides ni tàbí ọmọ Polydactylus, kí a béèrè fún ẹja náà gan-an, kí a wá kùkùté fọ́nrán lábẹ́ lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Bí kò bá sí ẹja, kí a tẹ orúkọ ẹbí nìkan sínú fọ́ọ̀mù.